Ipò Ni, Kì Í Ṣe Iye: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí Ìdáhùn ‘Mo Gbà Gan-an’ àti Ìṣirò Tí Ó Yẹ Ẹ́

   Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn, ẹ súnmọ́ iwájú díẹ̀, nítorí pé torí yín gan-an ni mo ṣe wá.

Ẹ̀yin ará Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà kò ṣe àjèjì sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Àkùngbá kò jìnnà sí ìlú méjèèjì, yunifásítì sì wà níbẹ̀. Ọdọọdún ni àwọn ọmọ yunifásítì máa ń gbé ìwé ìbéèrè wọ àdúgbò, ìsọ̀ àti agbo ilé. Wọ́n á ka gbólóhùn kan fún yín, wọ́n á sì ní kí ẹ mú ọ̀kan nínú mẹ́rin: mo gbà gan-an, mo gbà, n kò gbà, n kò gbà rárá. Ẹ ó dá wọn lóhùn, wọ́n á fàmì sí i, wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á lọ. Ohun tí wọ́n ń fi ìdáhùn yín ṣe nígbà tí wọ́n bá délé ni ọ̀rọ̀ mi lónìí.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fẹ́ dáhùn: nígbà tí ènìyàn bá sọ pé ‘mo gbà gan-an’, ṣé nọ́ńbà 4 ni ó sọ? Ìdáhùn mi ni pé kò sọ bẹ́ẹ̀. Ipò ni ó sọ, kì í ṣe iye. Bí a bá sì gbà pé ipò ni, ọ̀pọ̀ ìṣirò tí a ń kọ sí orí kẹrin iṣẹ́ àpilẹ̀kọ wa gbọ́dọ̀ yí padà.

1. Kí ni ipò, kí ni iye?

Ìmọ̀ yìí ti wà nínú èdè wa tipẹ́. Ẹ wo orúkọ àmútọ̀runwá. Bí mo bá wọ agbo ilé kan tí wọ́n ní Kẹ́hìndé, Táíwò, Ìdòwú àti Àlàbá wà níbẹ̀, mo ti mọ ẹni tí ó jẹ́ ẹ̀gbọ́n ẹni láìbéèrè ọjọ́ orí ẹnikẹ́ni. Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n Táíwò, Táíwò ni ẹ̀gbọ́n Ìdòwú, Ìdòwú ni ẹ̀gbọ́n Àlàbá. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú mélòó kan péré lè wà láàárín Kẹ́hìndé àti Táíwò, ọdún mẹ́ta sì lè wà láàárín Táíwò àti Ìdòwú. Àlàbá ńkọ́? Ó lè jẹ́ ọdún méjì, ó lè jẹ́ méje. Orúkọ náà kò sọ ọ́.

Ohun tí mò ń pè ní dátà onípò nìyẹn. Ó ń sọ ẹni tí ó ṣáájú àti ẹni tí ó tẹ̀lé, kò sì sọ bí àlàfo tí ó wà láàárín wọn ṣe tóbi tó. Bí ẹnìkan bá wá fún Kẹ́hìndé ní 1, Táíwò ní 2, Ìdòwú ní 3, Àlàbá ní 4, tí ó rò wọ́n pọ̀, tí ó pín in, tí ó ní àròpín ọmọ ilé náà jẹ́ 2.5, kí ni ó sọ fún wa nípa ọjọ́ orí wọn? Kò sọ nǹkan kan.

Ní ọdún 1946 ni S. S. Stevens, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, to ìwọ̀n sí ọ̀nà mẹ́rin nínú ìwé ìròyìn Science. Àkọ́kọ́ ni èyí tí nọ́ńbà kàn jẹ́ orúkọ lásán, bí ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ 1 fún Ìkàrẹ́ àti 2 fún Ọ̀kà. Ìkejì ni onípò, irú èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé. Ìkẹta ni èyí tí àlàfo rẹ̀ dọ́gba ṣùgbọ́n tí òdo rẹ̀ kì í ṣe òfo, bí ìwọ̀n ooru inú afẹ́fẹ́. Ìkẹrin ni èyí tí òdo rẹ̀ jẹ́ òfo pátápátá, bí kílógíráàmù àti náírà. Àwọn kan ti bá Stevens jiyàn láti ìgbà náà wá, pàápàá lórí bí ó ṣe le koko mọ́ ìṣirò tí ó yẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n pé ìpele kejì yàtọ̀ sí ìkẹta, kò sí ẹni tí ó lè já a.

Ní ẹ̀gbẹ́ wo ni ‘mo gbà gan-an’ wà? Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí ó ṣojú mi. Mo bá akẹ́kọ̀ọ́ kan jáde lọ sí ìsọ̀ iṣu ní Ìkàrẹ́. Ìyá onísu jókòó lórí àpótí, ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń ha erùpẹ̀ lára iṣu. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó ka gbólóhùn rẹ̀: “Màmá, ‘omi ẹ̀rọ ń tó wa lò ládùúgbò wa.’ Ṣé ẹ gbà gan-an ni, àbí ẹ gbà, àbí ẹ kò gbà, àbí ẹ kò gbà rárá?” Ìyá gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó ní, “Ọmọ mi, ó ń wá. Kò burú náà.” Ọmọ náà wò mí, ó wo ìwé, ó fàmì sí ‘mo gbà’. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ‘kò burú náà’ ti di 3 nínú kọ̀ǹpútà.

Mi ò dá ọmọ náà lẹ́bi pé ó fàmì síbẹ̀. Ibẹ̀ náà ni èmi ì bá fàmì sí. Ohun tí mò ń sọ ni pé láti ‘n kò gbà’ dé ‘mo gbà’, ìyá yẹn rékọjá odò kan: ó kúrò nínú àìgbà, ó bọ́ sínú gbígbà. Láti ‘mo gbà’ dé ‘mo gbà gan-an’, ohùn nìkan ni ó gbé sókè. Ta ni ó wọn àlàfo méjèèjì tí ó fi rí i pé wọ́n dọ́gba? Ẹ tún wo ‘rárá’. Nínú ọmọlúàbí tiwa, àgbàlagbà kì í fẹ́ sọ ‘rárá’ lójú ọmọ ọlọ́mọ tí ó kúnlẹ̀ sí iwájú rẹ̀. Ó di ìgbà tí ó bá dùn ún wọ egungun. Nítorí náà, láti ‘n kò gbà’ dé ‘n kò gbà rárá’ lè jìn ju gbogbo ìyókù lọ. Nígbà tí a bá kọ 4, 3, 2, 1, àwa ni a sọ pé wọ́n dọ́gba. Ìyá onísu kò sọ bẹ́ẹ̀.

2. Níbo ni 2.50 ti wá?

Gbogbo ẹni tí ó ti kọ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ nípa ẹ̀kọ́ tàbí àwùjọ ní Nàìjíríà ló mọ gbólóhùn yìí: ‘Èyí tí àròpín rẹ̀ bá tó 2.50 tàbí tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, a gbà á. Èyí tí kò bá tó o, a kọ̀ ọ́.’ Èmi náà kọ ọ́ nígbà tí mò ń kọ tèmi. Alábòójútó mi fàmì sí i pé ó dára, mo sì lo ọdún púpọ̀ kí n tó bi ara mi pé ta ni ó fi òfin náà lélẹ̀.

Ibi tí ó ti wá kò ṣòro. A ro 4, 3, 2 àti 1 pọ̀, ó jẹ́ 10. A pín in sí mẹ́rin, ó jẹ́ 2.50. Kò sí ẹni tí a bi ní ìbéèrè kí 2.50 tó jáde. Nínú nọ́ńbà tí àwa fúnra wa yàn ni ó ti jáde.

Ẹ jẹ́ ká dán an wò. Èmi ni mo ṣẹ̀dá àwọn iye tí mo fẹ́ lò yìí kí ìṣirò lè yé wa. Wọn kì í ṣe ìròyìn nípa omi ìlú kankan. Ẹ jẹ́ ká sọ pé a bi 40 ènìyàn ní Ìkàrẹ́ àti 40 ní Ọ̀kà ní ìbéèrè omi yẹn. Ní Ìkàrẹ́, kò sí ẹni tí ó gbà gan-an, 22 gbà, 18 kò gbà, kò sí ẹni tí ó ní òun kò gbà rárá. Ní Ọ̀kà, 18 gbà gan-an, 2 gbà, 4 kò gbà, 16 kò gbà rárá.

Ẹ ṣe àròpín. Ìkàrẹ́: 22 lọ́nà 3 jẹ́ 66, 18 lọ́nà 2 jẹ́ 36, àpapọ̀ jẹ́ 102, a pín in fún 40, ó jẹ́ 2.55. Ọ̀kà: 72, 6, 8 àti 16, àpapọ̀ jẹ́ 102, a pín in fún 40, ó jẹ́ 2.55. Akẹ́kọ̀ọ́ wa á kọ ọ́ pé ìlú méjèèjì bákan náà, ó ju 2.50 lọ, nítorí náà omi ń tó wọn lò. Bẹ́ẹ̀ ènìyàn 16 nínú 40 ní Ọ̀kà pariwo pé rárá. Bóyá àwọn tí ilé wọn wà lókè tí omi kì í gùn dé ni, tí àwọn tí ó wà nísàlẹ̀ sì ń yọ̀. A kò ní mọ̀ láé, nítorí pé 2.55 ti gbé wọn mì.

Ìyẹn kọ́ ló burú jù. Ipò kò ní yí padà bí mo bá pe òkè pátápátá ní 5 dípò 4, tí mo fi 3, 2 àti 1 sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Mo kàn gbà pé ‘mo gbà gan-an’ jìn sí ‘mo gbà’ díẹ̀ sí i ni. Ẹ tún un rò. Ìkàrẹ́ ṣì jẹ́ 2.55. Ọ̀kà di 120 tí a pín fún 40, ìyẹn 3.00. Ọ̀kà ti borí. Ẹ wá dá 5 padà sí 4, kí ẹ sì pe ìsàlẹ̀ pátápátá ní 0 dípò 1, nítorí pé ‘rárá’ jìn, bí mo ti ṣàlàyé. Ìkàrẹ́ ṣì jẹ́ 2.55. Ọ̀kà di 86 tí a pín fún 40, ìyẹn 2.15. Ìkàrẹ́ ti borí.

Ẹ má sọ pé òfin 2.50 ni ó yẹ kí n yí padà pẹ̀lú rẹ̀. Mo yí i. Nínú ti àkọ́kọ́, 5, 3, 2 àti 1 fún wa ní 2.75, Ọ̀kà sì kọjá rẹ̀: ‘a gbà á’. Nínú ti ìkejì, 4, 3, 2 àti 0 fún wa ní 2.25, Ọ̀kà kò sì tó o: ‘a kọ̀ ọ́’. Ẹni 80 kan náà, ìdáhùn kan náà, ìtòtẹ̀lé kan náà. Ọwọ́ tí ó kọ nọ́ńbà sí ẹ̀gbẹ́ ìdáhùn ni ó pinnu ìlú tí omi tó àti ìlú tí omi kò tó. Ìdáhùn tí ó bá ń yí padà báyìí kì í ṣe ti ará Ọ̀kà mọ́. Ipò ni wọ́n fún wa, kì í ṣe iye.

3. Kí ni a lè fi ṣe àkópọ̀?

Ohun àkọ́kọ́ ni kí a kọ iye ènìyàn tí ó wà ní ipò kọ̀ọ̀kan, kí a má sì fi pamọ́ sí ẹ̀yìn ìwé. Nọ́ńbà mẹ́rin péré ni fún ìlú kan. Ẹni tí ó bá rí 18, 2, 4, 16 lẹ́gbẹ̀ẹ́ 0, 22, 18, 0 kò nílò kí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún un pé ìlú kan pín sí méjì, èkejì sì kóra jọ sí àárín.

Lẹ́yìn náà ni ìdáhùn agbedeméjì. Ẹ ní kí gbogbo ènìyàn tò láti ẹni tí kò gbà rárá dé ẹni tí ó gbà gan-an, kí ẹ sì bi ẹni tí ó wà láàárín gbùngbùn. Fún 40, ẹni ogún àti ẹni kọkànlélógún ni. Ní Ìkàrẹ́, ‘mo gbà’ ni àwọn méjèèjì sọ. Ní Ọ̀kà, ẹni ogún ní òun kò gbà, ẹni kọkànlélógún ní òun gbà. Kọ̀ǹpútà á sọ pé agbedeméjì Ọ̀kà jẹ́ 2.5, ṣùgbọ́n ẹ má kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tí ó sọ 2.5. Ẹ kọ ọ́ pé ó bọ́ sáàárín ‘n kò gbà’ àti ‘mo gbà’. Agbedeméjì ní agbára kan tí àròpín kò ní: bí ẹ bá fi 5 rọ́pò 4, tàbí ẹ fi 0 rọ́pò 1, ẹni tí ó wà láàárín kò ní kúrò ní àyè rẹ̀.

Agbedeméjì nìkan kò tó, ó sì yẹ kí a fi bí ìdáhùn ṣe fọ́nká tì í. Ìdá mélòó ni ó gbà, tí a bá ka ‘gan-an’ mọ́ ọn? 20 nínú 40 ní Ọ̀kà, 22 nínú 40 ní Ìkàrẹ́. Ìdá mélòó ni ó ní rárá? 16 nínú 40, àti òdo. Ìdá tí a kó jọ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀ báyìí bá ipò mu, nítorí pé kíkà nìkan ni a ṣe, a kò yọ nọ́ńbà kan kúrò nínú òmíràn. Ìyapa-déédéé tí a máa ń kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àròpín, yíyọ ni ó fi ń ṣiṣẹ́, nítorí náà àìsàn kan náà ló ń ṣe é.

Ọ̀rọ̀ kan lórí ‘n kò lè sọ’, tí àwọn kan ń fi sí àárín tí wọ́n sì ń pè ní 3 nínú 5. Obìnrin tí kò ní ẹ̀rọ omi ládùúgbò rẹ̀ tí ó ní òun kò lè sọ kò sí láàárín gbígbà àti àìgbà. Ó wà lẹ́yìn odi. Bí a kò bá bi í pé kí ló dé, ẹ kà á sí ọ̀tọ̀, ẹ má fún un ní ipò.

4. Báwo ni a ṣe ń fi ìlú méjì wéra?

Níbí ni akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń sáré sí ìdánwò t, èyí tí ó ń fi àròpín méjì wéra. Èyí tí ó bá ipò mu ni ìdánwò tí Frank Wilcoxon gbé jáde ní 1945, tí Henry Mann àti Donald Whitney sì fẹ̀ lójú ní 1947. Àwọn ìwé máa ń fi àgbékalẹ̀ rẹ̀ dẹ́rù bani, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò ju kí ènìyàn méjì pàdé lọ.

Ẹ jẹ́ ká lo ìbéèrè kejì nínú àpẹẹrẹ wa: ‘ilé ìwòsàn alábọ́dé ń tètè dá wa lóhùn.’ Ní Ọ̀kà, 10 gbà gan-an, 18 gbà, 8 kò gbà, 4 kò gbà rárá. Ní Ìkàrẹ́, ó jẹ́ 4, 10, 16 àti 10. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ará Ọ̀kà pàdé gbogbo ará Ìkàrẹ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. 40 lọ́nà 40 jẹ́ ìpàdé 1,600. Nínú ìpàdé kọ̀ọ̀kan, ìbéèrè kan ni a máa bi: ta ni ipò rẹ̀ ga jù? Bí ti Ọ̀kà bá ga jù, Ọ̀kà gba 1. Bí wọ́n bá dọ́gba, ó gba ààbọ̀.

Àwọn 10 tí wọ́n gbà gan-an ní Ọ̀kà borí ẹni 36 ní Ìkàrẹ́, ìyẹn 360, wọ́n sì bá 4 dọ́gba ní ìpàdé 40, ààbọ̀ rẹ̀ jẹ́ 20. Àwọn 18 tí wọ́n gbà borí ẹni 26, ìyẹn 468, wọ́n sì bá 10 dọ́gba ní 180, ààbọ̀ rẹ̀ jẹ́ 90. Àwọn 8 tí kò gbà borí 10, ìyẹn 80, wọ́n sì bá 16 dọ́gba ní 128, ààbọ̀ rẹ̀ jẹ́ 64. Àwọn 4 tí kò gbà rárá kò borí ẹnikẹ́ni, wọ́n bá 10 dọ́gba ní 40, ààbọ̀ rẹ̀ jẹ́ 20. Àpapọ̀ gbogbo rẹ̀ jẹ́ 1,102. Ẹ pín in fún 1,600, ó jẹ́ 0.69.

Nọ́ńbà yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìṣirò òní, nítorí pé a lè kà á fún ìyá onísu kí ó sì yé e: bí a bá mú ẹnìkan ní Ọ̀kà àti ẹnìkan ní Ìkàrẹ́ láìṣàṣàyàn, tí a sì pín ọ̀mì sí méjì, nínú ìgbà 100, nǹkan bí ìgbà 69 ni ti Ọ̀kà máa ga jù. Bí ìlú méjèèjì bá rí bákan náà, 0.50 ni à bá rí, ìyẹn 800 nínú 1,600. Ẹ pe ‘mo gbà gan-an’ ní 5, ní 50, ní 500, ìpàdé kan kò ní yí padà.

Ṣé 1,102 jìn sí 800 tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi lè jẹ́ èèṣì? Níbẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ti ń ràn wá lọ́wọ́. Nínú R, ìlà mẹ́ta ni:

```
oka   <- rep(4:1, c(10, 18, 8, 4))
ikare <- rep(4:1, c(4, 10, 16, 10))
wilcox.test(oka, ikare, exact = FALSE)
```

W tí ó máa gbé jáde ni 1102 tí a fi ọwọ́ kà. p rẹ̀ kò tó 0.01: bí ìlú méjèèjì bá rí bákan náà lóòótọ́, ó ṣọ̀wọ́n kí irú ìyàtọ̀ tó tó èyí ṣèèṣì jáde. Ìdí tí mo fi kọ `exact = FALSE` ni pé ọ̀mì pọ̀ nínú irú dátà yìí, ipò mẹ́rin péré ni ènìyàn 80 pín láàárín ara wọn. Ìṣirò ọ̀mì yìí ṣe pàtàkì. Bí ẹ bá fi ọwọ́ ṣe é pẹ̀lú àgbékalẹ̀ tí kò tún ọ̀mì ṣe, ìyàtọ̀ tòótọ́ á kéré lójú yín ju bí ó ti yẹ lọ.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ààlà rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ padà sí ìbéèrè omi, kí ẹ ṣe ìpàdé 1,600 náà. Ọ̀kà gba 814, ìyẹn 0.51. Ìdánwò náà á ní kò sí ìyàtọ̀! Kò parọ́: ìbéèrè tí a bi í ni bóyá ìlú kan ń ga ju èkejì lọ, kò sì sí èyí tí ó ga jù. Ọ̀kà ló ya sọ́tùn-ún sósì. Bí ohun tí a fẹ́ mọ̀ bá jẹ́ bóyá ìdáhùn ìlú méjèèjì pín bákan náà, ìdánwò káì-sìkúéà ti Karl Pearson ni ó yẹ. Fún tábìlì yẹn, ó gbé nǹkan bí 59.6 jáde, nígbà tí 7.815 péré tó láti kọjá ààlà 0.05 ní òmìnira 3. Ṣùgbọ́n káì-sìkúéà kò mọ̀ pé ‘mo gbà gan-an’ ga ju ‘mo gbà’ lọ. Lójú tirẹ̀, orúkọ lásán ni wọ́n. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí a kọ́kọ́ wo iye ènìyàn ní ipò kọ̀ọ̀kan. Ojú ni ó ń sọ ìdánwò tí ó yẹ kí ọwọ́ mú.

Ọ̀pọ̀ ìwé ló ń sọ pé ìdánwò Mann àti Whitney ń fi agbedeméjì méjì wéra. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìpàdé ló ń kà. Agbedeméjì méjì lè bára dọ́gba kí ìpàdé sì fi sí ẹ̀gbẹ́ kan.

5. Likert fúnra rẹ̀ ńkọ́?

Alátakò mi á dìde wí pé Rensis Likert, ẹni tí a fi orúkọ rẹ̀ pe irú ìwé ìbéèrè yìí, fúnra rẹ̀ ro ìdáhùn pọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀ ti 1932. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó rò pọ̀. Ó kó gbólóhùn púpọ̀ jọ lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ó ro ìdáhùn ẹnìkan lórí gbogbo wọn pọ̀, ó sì fi àpapọ̀ yẹn ṣe ìwọ̀n ẹni náà. Gbólóhùn ogún tí ó ń bi ènìyàn nípa ohun kan ní oríṣiríṣi ọ̀nà ń fún wa ní àpapọ̀ láti 20 dé 80. Níbẹ̀, àìdọ́gba àlàfo ẹyọ kọ̀ọ̀kan ń fọ́n sáàárín ara wọn, àpapọ̀ náà sì ń súnmọ́ iye. Geoff Norman kọ̀wé ní 2010 láti fi hàn pé ìdánwò bíi t kì í tètè ṣìnà lórí irú dátà yìí. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀ níbi tí a bá ti ní àpapọ̀ gbólóhùn púpọ̀, tí a sì ti yẹ̀ ẹ́ wò pé àwọn gbólóhùn náà ń sọ ohun kan náà.

Àwa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Gbólóhùn kan nípa omi, ọ̀kan nípa ọ̀nà, ọ̀kan nípa nọ́ọ̀sì, àwa á ṣe àròpín ọ̀kọ̀ọ̀kan, a ó fi 2.50 gé e, a ó tún wá kó àròpín wọn jọ ṣe àròpín àgbà. Likert kò ṣe ìyẹn. Gbólóhùn kan ṣoṣo ṣì jẹ́ Kẹ́hìndé àti Táíwò: ipò ni, kì í ṣe iye.

6. Ìyókù ní kúkúrú

Bí ìlú bá di mẹ́ta, tí a fi Àkùngbá kún un, ìdánwò William Kruskal àti Allen Wallis ti 1952 ni ó gbòòrò láti inú ti ìlú méjì. Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹni tí ó gbà nípa omi náà ni ó ń gbà nípa ilé ìwòsàn, Kendall ti 1938 ni mo máa ń lò ju Spearman ti 1904 lọ, nítorí pé ìpàdé méjì-méjì ni òun náà ń kà, ó sì lè tún ọ̀mì ṣe. Bí ó bá jẹ́ àwọn ènìyàn kan náà ni a bi kí wọ́n tó gbẹ́ kànga àti lẹ́yìn tí wọ́n gbẹ́ ẹ, ẹ ṣọ́ra: ìdánwò Wilcoxon fún ẹni kan náà lẹ́ẹ̀mejì ń yọ ìdáhùn kan kúrò nínú èkejì kí ó tó tò wọ́n, yíyọ yẹn sì ni ipò kò fàyè gbà. Ẹ kàn ka àwọn tí wọ́n gòkè, kí ẹ ka àwọn tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ fi ìdánwò àmì wò ó.

Ohun kan tún wà tí ìdánwò kankan kò lè gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ènìyàn mẹ́jọ nínú agbo ilé kan bá jókòó síbi kan náà, tí baálé kọ́kọ́ dáhùn, ìdáhùn kan ni a gbà, kì í ṣe mẹ́jọ. Mo ti rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí a máa bi wọ́n, kí a sì gba èyí tí wọ́n bá sọ.

Ẹ̀yin alábòójútó tí ẹ wà níbí, mo bẹ̀ yín: nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbé orí kẹrin wá lọ́dún yìí, tí ẹ bá rí 2.50 níbẹ̀, ẹ dá a padà, kí ẹ sì bi í léèrè pé ènìyàn mélòó ni ó ní ‘rárá’. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ kọ iye yẹn sílẹ̀ kí wọ́n tó bi yín.